Rìmóòtù Kan fún Ẹ̀rọ Mẹ́ta: Ìdí Dikódà Ni Wàhálà Wà

Ẹni tó bá lọ ra rìmóòtù alápapọ̀ ní ọjà Alábà yóò gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń tà á pé kò sí ẹ̀rọ tí kò lè darí. Inú páálí rẹ̀ ni ìwé kékeré kan wà, tí orúkọ ilé-iṣẹ́ àti nọ́ńbà oníka mẹ́rin-mẹ́rin kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Tó bá délé, tẹlifíṣọ̀n á gbọ́ràn kí iṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Họ́ọ̀mù tíátà lè gbà á lásìkò díẹ̀. Dikódà ló máa kọtí ikún. Á wá ìwé náà lókè lódò, kò ní rí orúkọ dikódà rẹ̀ níbẹ̀, á sì gbà pé gbàrọgùdù ni wọ́n tà fún òun.

Ó ṣeé ṣe kí rìmóòtù náà má lẹ́bi kankan.

Ní imú rìmóòtù ni gílóòbù kékeré kan wà tó ń tan ìmọ́lẹ̀ ínfúrárẹ́ẹ̀dì, èyí tí ojú ọmọ ènìyàn kò lè rí. Bí a bá tẹ bọ́tìnì, ìmọ́lẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ wẹ́wẹ́, nǹkan bí ìgbà 38,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, á dánu dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Gígùn àti kíkúrú ìmọ́lẹ̀ àti ìdánudúró yẹn ni ẹ̀rọ ń kà. Nínú ìlànà tí wọ́n ń pè ní NEC, tí ẹ̀rọ púpọ̀ ń lò, ohun méjì ni rìmóòtù ń sọ: àdírẹ́sì ẹ̀rọ tó ń bá wí, lẹ́yìn náà àṣẹ tó fẹ́ kó mú ṣẹ. Ẹ̀rọ tí àdírẹ́sì náà kì í ṣe tirẹ̀ kò ní dáhùn. Sony ní ìlànà tirẹ̀ lọ́tọ̀, tó ń ṣẹ́ ní ìgbà 40,000, Philips náà sì ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ RC-5, ìgbà 36,000. Èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn ń sọ nínú pálọ̀ kan ṣoṣo.

Àwọn èdè wọ̀nyí ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe rìmóòtù alápapọ̀ ti kó sínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Nọ́ńbà oníka mẹ́rin tó wà nínú ìwé kì í ṣe èdè náà fúnra rẹ̀. Ó kàn ń sọ ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí nínú rìmóòtù ni. Nítorí náà, ẹni tó bá gba kóòdù rìmóòtù GE lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó wá tẹ̀ ẹ́ sórí One For All, dà bí ẹni tó mú nọ́ńbà ilé àdúgbò kan lọ wá ilé ní àdúgbò mìíràn. Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ dikódà ti wọ́ wá. Oníbàárà Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ ìwé wọ̀nyí ní lọ́kàn. Tẹlifíṣọ̀n Sony tàbí LG kárí ayé, ṣùgbọ́n dikódà tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ Áfíríkà nìkan lè má sí nínú ohun tí wọ́n kó síbẹ̀ rárá. Bí èèyàn tẹ nọ́ńbà títí ilẹ̀ fi ṣú, kò lè rí ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ ti wà tipẹ́. Ní 1987, Steve Wozniak, ọ̀kan lára àwọn tó dá Apple sílẹ̀, gbé rìmóòtù kan jáde láti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ CL 9, ó sì pè é ní CORE. Ṣe ni wọ́n ń dojú rìmóòtù àtijọ́ kọ CORE, kí ó lè wo ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde, kí ó sì há a sórí. Rìmóòtù tó lè kọ́ṣẹ́ báyìí kò wọ́n mọ́ lónìí, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló lè ṣe é. Kí èèyàn tó sanwó, kó wo ara páálí tàbí ara rìmóòtù bóyá wọ́n kọ LEARN síbẹ̀. Ẹni tí dikódà rẹ̀ jẹ́ ti ìhà ibí, tó sì ra èyí tí kò lè kọ́ṣẹ́ nítorí pé owó rẹ̀ fi díẹ̀ dínkù, ó ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú pálọ̀ kan ní Ìbàdàn: tẹlifíṣọ̀n Sony, dikódà GOtv, họ́ọ̀mù tíátà tí wọ́n so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, àti rìmóòtù One For All kan tó ní bọ́tìnì MAGIC tó sì lè kọ́ṣẹ́. Tẹlifíṣọ̀n ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, torí òun ló rọrùn jù. Kí ó wà ní títàn. Wọ́n á tẹ TV lórí rìmóòtù tuntun, wọ́n á wá tẹ MAGIC mọ́lẹ̀ títí iná kékeré tó wà lórí rẹ̀ á fi ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á tẹ kóòdù Sony àkọ́kọ́ tó wà nínú ìwé. Bí iná náà bá tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó ti gbà á. Bó bá tàn gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan, kò mọ nọ́ńbà yẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú nìyí. Wọ́n á tẹ POWER, tẹlifíṣọ̀n á kú, wọ́n á ní iṣẹ́ ti parí. Ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì kí wọ́n tó rí i pé bọ́tìnì mẹ́nù kò ṣe nǹkan kan. Ilé-iṣẹ́ kan lè ti yí èdè rẹ̀ padà láti ọdún dé ọdún, kí àṣẹ títàn àti pípa máa bá a bọ̀ láìyípadà, ìdí nìyẹn tí kóòdù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fi máa ń wà níwájú orúkọ kan. Kí wọ́n dán ohùn wò, kí wọ́n dán ìkànnì wò, kí wọ́n dán mẹ́nù àti ọfà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá kọ̀, kí wọ́n bọ́ sórí kóòdù tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ti sọnù lè tẹ 991 lẹ́yìn MAGIC, kí rìmóòtù fúnra rẹ̀ máa wá a kiri. Ó gba sùúrù, torí ó ń yẹ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Dikódà ló kù. Wọ́n á mú rìmóòtù rẹ̀ àtilẹ̀wá, wọ́n á fi bátìrì tuntun sí i, nítorí bátìrì tó ti ń kú lè ṣí dikódà síbẹ̀ kó má lágbára tó láti kọ́ rìmóòtù mìíràn. Orí tábìlì ni kí wọ́n tẹ́ rìmóòtù méjèèjì sí, kí imú wọn kọjú síra, kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà méjì sí márùn-ún wà láàárín wọn, kí oòrùn má ràn sórí tábìlì náà. Lórí One For All, lẹ́yìn tí iná bá ti ṣẹ́jú fún MAGIC, 975 ló ń ṣí ẹnu ọ̀nà ẹ̀kọ́. Wọ́n á yan ipò dikódà, wọ́n á tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fẹ́ kọ́ lórí rìmóòtù tuntun, ká ní CH+, wọ́n á sì tẹ CH+ lórí ti dikódà. Ìṣẹ́jú méjì tí iná yẹn bá ṣẹ́ fi hàn pé ó ti há a. Ètò títẹ̀ léra yìí lè yàtọ̀ díẹ̀ láti oríṣi kan sí èkejì, ìwé tó bá a wá ló ni àṣẹ.

Kò pọn dandan láti kọ́ ọ ní gbogbo bọ́tìnì. Àyè tó fi ń há nǹkan sórí ní ìwọ̀n. Bọ́tìnì títàn, nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ọfà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, OK, ìpadàsẹ́yìn, ìyípadà ìkànnì àti ìwé ètò ti tó fún ilé púpọ̀. Bọ́tìnì ohùn ni kí wọ́n má fọwọ́ kàn. Họ́ọ̀mù tíátà ni ohùn ti ń jáde nínú pálọ̀ yìí, bí ohùn dikódà bá sì tún wà lábẹ́ rìmóòtù kan náà, ẹnì kan á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láìmọ̀, ohùn ò sì ní lọ sókè mọ́ bó ti wù kí wọ́n tẹ họ́ọ̀mù tíátà tó. Ohùn dikódà ni kí wọ́n gbé sókè pátápátá kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Lẹ́yìn tí họ́ọ̀mù tíátà bá ti ní kóòdù tirẹ̀, ọ̀pọ̀ One For All gbà kí wọ́n so bọ́tìnì ohùn mọ́ ọn títí lọ, yálà tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń darí tàbí dikódà. 993 ni ètò yẹn fi ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ̀kọ́ náà bá kọ̀, kámẹ́rà fóònù ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi wò ó. Ojú kò lè rí ínfúrárẹ́ẹ̀dì, àmọ́ kámẹ́rà sábà máa ń rí i, pàápàá kámẹ́rà iwájú. Bí wọ́n bá dojú rìmóòtù dikódà kọ ọ́, tí wọ́n tẹ bọ́tìnì, ìmọ́lẹ̀ funfun tàbí àlùkò yóò hàn lórí fóònù. Bí nǹkan kan kò bá hàn, rìmóòtù yẹn ló níṣòro. Bó bá hàn dáadáa, kí wọ́n yí àlàfo àárín wọn padà díẹ̀. Ẹ̀ka kan tún wà tó máa ń tan àwọn oníṣẹ́ pàápàá jẹ: bọ́tìnì tí wọ́n kọ́ á ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nínú RC-5, rìmóòtù máa ń yí àmì kékeré kan padà nígbàkigbà tí wọ́n bá tún bọ́tìnì tẹ̀, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé títẹ̀ tuntun ni, pé ọwọ́ kò kàn pẹ́ lórí rẹ̀ ni. Rìmóòtù tó há títẹ̀ kan ṣoṣo sórí lè má mọ̀ pé ó yẹ kí òun yí àmì náà padà. Fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kóòdù látinú ìwé dára ju kíkọ́ lọ, bí ó bá wà.

Àwọn tó fẹ́ kí bọ́tìnì kan tan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ yóò bá NẸ́PÀ pàdé. Àṣẹ títàn àti àṣẹ pípa ni ohun kan náà lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ: bó bá kú, á tàn, bó bá tàn, á kú. Níbi tí iná kì í ti í lọ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jùmọ̀ máa tàn, wọ́n á jùmọ̀ máa kú. Ṣùgbọ́n tí iná bá lọ tó tún dé, dikódà lè ta kìjí fúnra rẹ̀ kí tẹlifíṣọ̀n ṣì máa sùn. Bọ́tìnì kan náà á wá tan tẹlifíṣọ̀n, á sì pa dikódà. Ní Ìbàdàn yìí, ó sàn kí bọ́tìnì títàn kálukú wà lábẹ́ ipò tirẹ̀.

Ibì kan wà tí gbogbo ohun tí a ti ń sọ kò dé. Rìmóòtù tí kò pọn dandan kí wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ẹ̀rọ kó tó ṣiṣẹ́, bí ti Fire TV Stick, Bulutúùtù ló ń lò láti bá ẹ̀rọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sì sí ìmọ́lẹ̀ kankan tí rìmóòtù akọ́ṣẹ́ lè wò. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè gba inú wáyà HDMI kọjá. Bí tẹlifíṣọ̀n àti ohun tí wọ́n so mọ́ ọn bá ní ètò CEC, tí Samsung ń pè ní Anynet+, tí LG ń pè ní SimpLink, tí Sony sì ń pè ní BRAVIA Sync, rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n lè máa ti ojú wáyà náà pàṣẹ fún wọn. Inú mẹ́nù tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti ń ṣí i, nígbà mìíràn wọ́n ti pa á láti ilé-iṣẹ́.

Kóòdù tó bá ṣiṣẹ́, kí wọ́n fi bírò kọ ọ́ sínú ìdérí bátìrì. Àwọn rìmóòtù olówó pọ́ọ́kú kan wà tí wọ́n ń gbàgbé gbogbo ẹ̀kọ́ wọn bí wọ́n bá yọ bátìrì wọn fún ìgbà díẹ̀. Rìmóòtù dikódà àtilẹ̀wá sì ni kí wọ́n tọ́jú sínú dúrọ́ọ̀, kí wọ́n yọ bátìrì rẹ̀ kó má baà dà sínú rẹ̀, torí pé ọjọ́ tí ti tuntun bá gbàgbé, òun nìkan ló lè tún un kọ́.