Fòníkú-fọ̀ladìde àti ìlà tó rí bíi S

Hẹmogilóbíìnì ní apá mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní irin kan tí ọ́síjìn ń jókòó lé. Ọ́síjìn àkọ́kọ́ kì í rọrùn wọlé. Àmọ́ bó bá ti jókòó, àwọn apá yòókù á yí ìdúró wọn padà, ìyókù á wá máa wọlé wẹ́rẹ́. Ìdí nìyí tí ìlà rẹ̀ fi rí bíi S: ó ń lọ́ra, ó gòkè fìrì, ó wá tẹ́jú.

Ẹ wá wo fòníkú-fọ̀ladìde. (Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ mọ̀ pé ìrora náà ń lọ, ó ń bọ̀.) Ẹ̀jẹ̀ wọn kì í tó, nítorí náà sẹ́ẹ̀lì pupa ń kó èròjà BPG jọ. Èyí á há sí àárín apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò ní jẹ́ kí wọ́n di ọ́síjìn mú dáadáa. Ìlà náà á yẹ̀ sápá ọ̀tún. Ìwọ̀n ọ́síjìn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wa kún dé ìdajì, bíi mílímítà mẹ́kúrì 27, kò ní tó tiwọn mọ́. Àǹfààní wà níbẹ̀: ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń tú ọ́síjìn púpọ̀ sílẹ̀ fún iṣan. Àmọ́ hẹmogilóbíìnì S tí ọ́síjìn ti kúrò lára rẹ̀ gan-an ló ń so mọ́ra wọn, tí sẹ́ẹ̀lì á fi tẹ̀ bíi dòjé. Oògùn fọsẹlótọ̀ ń fa ìlà náà padà sápá òsì. Wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní 2024.