Ọ̀rọ̀ Tó Jọ "Ńlá" Tí Kì Í Ṣe Ńlá

Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ ìjábọ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì wa, ìlà kan sì wà tí bíírò pupa mi kì í jẹ́ kó kọjá: pé ìkórè àgbàdo pọ̀ sí i lọ́nà tó "sìgínífíkáǹtì". Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú irú rẹ̀ wá kẹ́yìn bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí pé ó pọ̀ gan-an ló túmọ̀ sí?" Mo ní, "Ó dáa, kílò mélòó ló fi pọ̀ sí i?" Ó ṣí ìwé títí ó fi dé tébù tó wà lẹ́yìn pátápátá kó tó rí i.

Bí a bá tú ọ̀rọ̀ yẹn dé ìdí rẹ̀ nínú èdè Látìn, àmì la máa bá níbẹ̀, kì í ṣe títóbi. Ohun tó bá ń fi àmì nǹkan hàn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn onísìtátísíìkì ló wá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Nínú ìwé tí Ronald Fisher ṣe ní 1925, ó fi ààlà sí ẹyọ kan nínú ogún, èyí tí à ń kọ lónìí bíi p < 0.05. Ohun tí ààlà yẹn ń bi wá ni pé: ká ní ajílẹ̀ yìí kò ṣe nǹkan kan rárá, ẹ̀ẹ̀melòó nínú ọgọ́rùn-ún la ì bá tún rí ìyàtọ̀ tó tó báyìí tàbí tó jù báyìí lọ, kó kàn ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀? Bí kò bá tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún, a ní ó sìgínífíkáǹtì. Kò bi wá bóyá ìyàtọ̀ náà pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un lọ sóko. Ká ní a pín ilẹ̀ sí abala 800, tí 400 gba ajílẹ̀ àtijọ́, tí 400 yòókù gba tuntun. Ti àtijọ́ mú 3,000 kílò jáde lórí hẹ́kítà kan ní ìpíndọ́gba, ti tuntun mú 3,100. Bí ìkórè bá ń fi bíi 600 kílò yà kúrò ní ìpíndọ́gba láti abala dé abala, p yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.02. Ó sìgínífíkáǹtì, àmọ́ àpò oníkílò 50 méjì péré ni gbogbo rẹ̀.

Ká tún wo oko kékeré tó ní abala mẹ́fà. Mẹ́ta gba ajílẹ̀ àtijọ́, wọ́n mú 1,200, 2,000 àti 2,800 jáde. Mẹ́ta gba tuntun, wọ́n mú 2,200, 3,000 àti 3,800. Odidi 1,000 kílò ni àlékún ìpíndọ́gba wọn, àpò ogún. Síbẹ̀ p fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.2, kò sìgínífíkáǹtì. Ojú lásán náà lè rí ìdí rẹ̀: èyí tó ṣe dáadáa jù nínú ti àtijọ́ ju èyí tó kéré jù nínú ti tuntun lọ. Ẹni tó bá torí èyí kọ̀wé pé ajílẹ̀ náà kò ṣiṣẹ́ ti ṣìnà, ẹ̀rí ni kò tíì tó. Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn onísìtátísíìkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde rẹ̀ gbangba pé p kì í ṣe òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe tóbi tó.

Ọ̀rọ̀ méjì yòókù kò ní irú ìdẹkùn bẹ́ẹ̀. "Kọ̀ńsídérébù" kò jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní "tó jọjú", ohun tí ènìyàn máa dúró wò kó tó kọjá. Àléébù rẹ̀ ni pé ojú yàtọ̀ sójú: ohun tó jọjú lójú olóko hẹ́kítà kan lè má jọ akọ̀wé báńkì lójú. Nítorí náà, mo ń gbà á wọlé bí iye rẹ̀ bá tẹ̀ lé e kíá. "Sọ̀bústáńṣà" sún mọ́ "gúnmọ́", ohun tó ní ara, tó ní ìwúwo. Èmi máa ń fi í pa mọ́ fún ìgbà tí nǹkan náà bá jẹ́ apá tó pọ̀ nínú odindi. Nínú ìwé àdéhùn ilé kíkọ́, wọ́n á ní iṣẹ́ parí dé ìwọ̀n sọ̀bústáńṣà nígbà tí ilé ti ṣeé lò, bó tilẹ̀ ku ọ̀dà díẹ̀ tàbí ilẹ̀kùn kan.

Àwọn tó ń kọ ìjábọ̀ lórí àyíká ní tiwọn ní láti ṣọ́ra jù. Òfin Nàìjíríà ti 1992 lórí àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká fi ọ̀rọ̀ sìgínífíkáǹtì gan-an ṣe òdiwọ̀n: iṣẹ́ tó bá jọ pé yóò kan àyíká dé ìwọ̀n yẹn gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò. Ẹni tó kàn fẹ́ sọ pé eruku pọ̀ díẹ̀ lójú títì lè ti fọwọ́ sí ohun tí kò ní lọ́kàn.

Mo dá ìwé padà fún ọmọkùnrin náà. Mo ní kó yọ ọ̀rọ̀ ńlá náà kúrò, kó kọ kílò ti tẹ́lẹ̀, kílò ti ìsinsìnyí, abala mélòó ló wọ̀n, àti iye p, kó wá fi owó ajílẹ̀ lórí hẹ́kítà kan sí ìlà tó tẹ̀ lé e. Ó bi mí pé, "Owó ajílẹ̀ ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Kò sí nínú tébù wa." Mo ní kó padà lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀.