Bí Ọkàn Bá Ń Lù Ségesège, Ẹ Má Gba Nọ́ńbà Àkọ́kọ́ Tí Ẹ̀rọ Ìfúnpá Bá Gbé Jáde

Ẹ jẹ́ ká ní ìyá àgbà kan wà ní Òsi, ní ìpínlẹ̀ Kwara, ẹni ọdún 71. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ wọn tó wà l'Ékòó ra ẹ̀rọ ìfúnpá alábátìrì ránṣẹ́ sí wọn, irú èyí tí a máa ń wé mọ́ apá tí a ó sì tẹ bọ́tìnnì. Ọmọ-ọmọ wọn bá wọn wọ̀n ọ́n láàárọ̀: 158/101. Ó dúró fún ìṣẹ́jú kan, ó tún un wọ̀n: 131/84. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta: 149/97. Ìyá ò dìde, wọn ò sọ̀rọ̀, wọn ò sì jẹ nǹkan kan láàárín ìgbà náà.

Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ọmọ-ọmọ náà wé e mọ́ apá tirẹ̀, ó rí 118/74, 120/76 àti 117/75. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́ nìyẹn. Apá ìyá ni ọ̀rọ̀ wà, àbí ká kúkú sọ pé ọkàn wọn.

Kí ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe nínú apá wa gan-an? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ń gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ, bíi ti nọ́ọ̀sì tó fi nǹkan sétí. Kì í gbọ́ nǹkan kan. Ó máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú aṣọ tó wé apá títí ẹ̀jẹ̀ ò fi ní kọjá mọ́, lẹ́yìn náà yóò máa tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dín kù, gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù ni iṣan ẹ̀jẹ̀ máa ń ta aṣọ náà díẹ̀. Ìta yìí máa ń kéré níbẹ̀rẹ̀, á máa pọ̀ sí i, á dé góńgó, á sì tún máa dín kù. Bí òkè ló ṣe rí: a gùn ún, a dé ṣóńṣó, a sọ̀ kalẹ̀.

Ibi ṣóńṣó òkè yẹn ni ẹ̀rọ mọ̀ dáadáa. Ìfúnpá tó wà nínú aṣọ nígbà náà sún mọ́ ìfúnpá àárín-méjì tó wà nínú iṣan. Nọ́ńbà òkè àti nọ́ńbà ìsàlẹ̀ tí a ń kà lójú rẹ̀, ṣe ló fi ìṣirò fa méjèèjì yọ láti ara bí òkè náà ṣe rí. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìṣirò tirẹ̀. Ìṣirò yẹn gbà pé ìlù kan ò yàtọ̀ sí èkejì, pé afẹ́fẹ́ tó ń dín kù nìkan ló ń yí ìta aṣọ padà.

Ọkàn tó ń lù ségesège ni kì í jẹ́ kí àdéhùn yẹn dúró. Àìsàn tó wọ́pọ̀ jù nínú irú èyí láàárín àwọn àgbà ni éétíríà fíbúríléṣọ̀n, tí àwọn dókítà máa ń kọ sílẹ̀ ní AF. Yàrá méjì tó wà lókè ọkàn, tó yẹ kó fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó lè ti ẹ̀jẹ̀ sísàlẹ̀, ò fún pọ̀ mọ́, gbígbọ̀n ló kàn ń gbọ̀n. Yàrá ìsàlẹ̀ wá ń gba àṣẹ nígbàkúgbà. Bí àlàfo tó wà ṣáájú ìlù kan bá gùn, ẹ̀jẹ̀ á ráyè kún inú ọkàn, ìlù yẹn á lágbára. Bí àlàfo náà bá kúrú, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló wọlé, ìlù yẹn á rọ̀. Òmíràn tiẹ̀ wà tí kò ní lè dé ọrùn ọwọ́ rárá.

Òkè tí ẹ̀rọ ń retí wá di págunpàgun. Bí ìlù líle kan bá bọ́ sí ibi tó yẹ kí ìta kéré, ẹ̀rọ lè rò pé òun ti dé ṣóńṣó. Nígbà míì á kọ̀ jálẹ̀, á gbé àmì àṣìṣe jáde. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, á gbé nọ́ńbà tó dùn ún wò jáde, ìyẹn ló sì léwu jù, torí kò sẹ́ni tó máa fura. Àwọn ìwádìí tó fi ẹ̀rọ wéra pẹ̀lú etí dókítà fi hàn pé tí a bá wọ̀n ọ́n léraléra, nọ́ńbà òkè kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́ lára alárùn AF. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí nọ́ńbà ìyá. Tí ẹnì kan bá gba 158/101 nìkan gbọ́, wọ́n lè fi oògùn kún oògùn wọn. Tí ẹlòmíì bá gba 131/84, wọ́n lè sọ pé ara ti yá. Ṣùgbọ́n ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: 158 àti 131 àti 149 jẹ́ 438, ẹ pín in sí mẹ́ta, ó di 146. Ẹ ṣe bákan náà fún ti ìsàlẹ̀, 282 pín sí mẹ́ta jẹ́ 94. Nítorí náà, 146/94 ló yẹ kí ẹ kọ sínú ìwé lọ fún dókítà, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lábẹ́ rẹ̀.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ọkàn ló ń ṣe ségesège? Ìka ló máa sọ, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ìlànà ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru tí àjọ NICE gbé kalẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n fọwọ́ kan iṣan kí wọ́n tó wọn ìfúnpá, tí kò bá sì lù déédéé, kí wọ́n fi etí wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín lé ọrùn ọwọ́, nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, kí ẹ sì kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ má ka ìṣẹ́jú àáyá 15 kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, torí àlàfo ò dọ́gba. Ẹ máa fetí ọkàn gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ onílù. Tí ìlù bá ń lọ déédéé tó kàn ń fo ọ̀kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sábà máa ń jẹ́ ìlù àṣekún tó wọ́pọ̀. Tí kò bá ní ìlànà kankan, tí ẹ ò lè sọ ìgbà tí èyí tó kàn máa dé, AF ni ká fura sí.

Ìka ò lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ o. Íísíjí, ẹ̀rọ tó ń ya iná mànàmáná ọkàn sórí ìwé, ló lè sọ bóyá AF ni. Àwọn ẹ̀rọ ìfúnpá kan máa ń gbé AFIB tàbí àmì ọkàn ségesège jáde, àmọ́ ìkìlọ̀ lásán nìyẹn. Ẹni tó wà ní Òsi tàbí Ìlọ́fà lè ní láti lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, irú bíi Ilé Ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin. Ó sì yẹ kí wọ́n lọ, torí ọ̀rọ̀ náà ju nọ́ńbà lọ: ẹ̀jẹ̀ tí kò ṣàn dáadáa nínú yàrá tó ń gbọ̀n lè dì, kó gbéra lọ dí iṣan ọpọlọ, kó di àrùn rọpárọsẹ̀. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì wà, dókítà ló sì máa sọ ẹni tó yẹ kó lò ó.

Tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ fi etí wọ̀n ọ́n ní ìlànà tí Kórótíkọ́fù fi lọ́lẹ̀ ní 1905, kó rọra tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀, bíi àmì 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kó sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Tó bá yára tú u, ìlù líle lè ti kọjá láàárín àlàfo gígùn, nọ́ńbà òkè á sì kéré ju òótọ́ lọ. Ní ti ìyá wa l'Ósi, kí ẹnikẹ́ni má fi kún oògùn wọn, kó má sì dá a dúró nítorí ohun tí ẹ̀rọ sọ lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti bí ìlù ọrùn ọwọ́ ṣe rí sílẹ̀, kí wọ́n mú un lọ, kí wọ́n sì béèrè fún íísíjí.