O Ti Tẹ Máòsì, Ìbọn Ò Tíì Dún

Ọ̀tá yọ lẹ́yìn ògiri, ẹni tó ń ta géèmù tètè rí i, ó sì tẹ máòsì lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀ òun ló kọ́kọ́ kú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ọ̀pọ̀ ń dá lẹ́bi nírú àkókò yìí. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe ni pé kó pa íńtánẹ́ẹ̀tì, kó wá máa bá kọ̀ǹpútà nìkan ta á. Bí ìbọn bá ṣì ń pẹ́ kó tó dún, inú ilé ni ìfàsẹ́yìn náà wà: láàárín ọwọ́ rẹ̀ àti ojú tẹlifíṣọ̀n.

Fóònù lè wọn ìfàsẹ́yìn yìí. Ọ̀pọ̀ fóònù lè ya fídíò tó ń falẹ̀, tó ń gba àwòrán 240 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwòrán kọ̀ọ̀kan dúró fún bíi ìdá 4 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tí a ń pè ní mílísẹ́kọ́ńdì. Gbé fóònù síbi tó ti máa rí ìka rẹ àti tẹlifíṣọ̀n pọ̀, tẹ máòsì, kí o sì ka iye àwòrán tó kọjá kí iná ìbọn tó yọ.

Ká mú kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n so mọ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń yí àwòrán padà nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ká sọ pé a ka àwòrán 36. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 150.

Tẹlifíṣọ̀n ni ká kọ́kọ́ mú, torí pé níbẹ̀ ni àkókò tó pọ̀ jù sábà máa ń ṣòfò. Fíìmù àti bọ́ọ̀lù ni wọ́n ṣe é fún: ó ń tún àwọ̀ ṣe, ó ń mú kí ìrìn àwòrán dán. Kó tó lè dá àwòrán tuntun sáàárín méjì, ó gbọ́dọ̀ dá èyí tó wọlé dúró títí èyí tó tẹ̀ lé e yóò fi dé. Ẹni tó ń wo fíìmù kò ní mọ̀, àmọ́ ẹni tó ń yìnbọn á mọ̀. Lọ sínú ètò àwòrán tẹlifíṣọ̀n, wá `Game Mode` tàbí `Game`, kí o sì tan án. Àwọ̀ lè má dán tó tẹ́lẹ̀ mọ́, torí pé tẹlifíṣọ̀n ti jáwọ́ nínú púpọ̀ lára iṣẹ́ àtúnṣe yẹn. Wíńdóòsì náà ní ohun tó ń jẹ́ `Game Mode`, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà nìkan ló wà fún. Kò kan tẹlifíṣọ̀n. Nínú àpẹẹrẹ wa, iye àwòrán já sí 20.

Ó kan `V-Sync`, tó wà nínú ètò àwòrán géèmù fúnra rẹ̀. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n ń kun àwòrán. Bí kọ̀ǹpútà bá gbé òmíràn dé kó tó kùn ún tán, apá òkè á jẹ́ ti àná, apá ìsàlẹ̀ á jẹ́ ti òní, ìlà á sì gé àwòrán láàárín. `V-Sync` ń dènà èyí nípa mímú kí kọ̀ǹpútà dúró de tẹlifíṣọ̀n. Wàhálà rẹ̀ ni pé bí kọ̀ǹpútà bá yára jù, àwọn àwòrán tó ti parí á tò sẹ́yìn ara wọn, ohun tí o sì ń rí á ti di àtijọ́. Ẹyọ kan tó bá ń dúró ń jẹ mílísẹ́kọ́ńdì 16.7. Nígbà tí a pa á, 20 di 12: bí ẹni pé àwòrán méjì ló ti ń tò níbẹ̀.

Bí ìlà tó ń gé àwòrán bá wá ń dà ọ́ láàmú, tan `V-Sync` padà, kí o sì fi ètò tó ń dín iye àwòrán kù dá kọ̀ǹpútà dúró sí 59. Kò ní lè sáré ju tẹlifíṣọ̀n lọ mọ́, ìtò náà kò sì ní kún. Ohun tí wàá fi san án ni pé ìrìn àwòrán lè máa ta kọ́sẹ́ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Máòsì ló kù. `Polling Rate` ni iye ìgbà tó ń jíṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní 125, ó ń jíṣẹ́ ní mílísẹ́kọ́ńdì 8-8. Ní 1000, ní ẹyọ kan-kan. Torí pé àárín iṣẹ́ méjì ni ìka sábà ń bọ́ sí, èrè rẹ̀ ní ìpíndọ́gba jẹ́ bíi mílísẹ́kọ́ńdì 3.5. Fi sí 1000, torí ọ̀fẹ́ ni bí máòsì rẹ bá gbà á. Àmọ́ tún ya fídíò náà: ìyàtọ̀ náà lè má hàn, torí pé èrè yìí kò tó àwòrán kan ṣoṣo nínú fídíò. Láti 1000 sí 8000, kò tó ìdajì mílísẹ́kọ́ńdì lo máa rí, iṣẹ́ tó sì ń kó bá kọ̀ǹpútà tí kò lágbára lè mú kí géèmù máa ta kọ́sẹ́.

Láti 150, a ti dé bíi 50, a ò sì ná kọ́bọ̀. Ẹni tó fẹ́ ra máòsì olówó ńlá nítorí ìfàsẹ́yìn, kó kọ́kọ́ mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n rẹ̀.