Oníbàárà Wo Ló Yẹ Ká Náwó Wá?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, iléeṣẹ́ Blue Apron wọ ọjà ìpín ìdókòwò ní Niu Yọ́ọ̀kì. Iṣẹ́ wọn kò ṣòro láti yéni. Wọ́n á wọn ẹran, ẹ̀fọ́ àti èròjà ọbẹ̀ sínú páálí, wọ́n á fi ìwé bí a ṣe ń sè é sí i, wọ́n á sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń yọ owó onítọ̀hún ní báǹkì, àfi tó bá sọ pé kí wọ́n dá a dúró. Lọ́dún 2016, owó tó wọlé fún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800 mílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n ná nǹkan bí 144 mílíọ̀nù lórí ìpolówó, wọ́n sì fi àdánù bí 55 mílíọ̀nù parí ọdún náà.

Nínú ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn tó fẹ́ ra ìpín, wọ́n ní dọ́là 94 ni oníbàárà kan ń ná àwọn kó tó wọlé. Irọ́ kọ́. Àmọ́ wọ́n ti da àwọn tó wọlé lọ́dún 2014, nígbà tí wíwá ènìyàn kò tíì wọ́n, pọ̀ mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Daniel McCarthy, onímọ̀ tó máa ń fi ìṣirò oníbàárà díwọ̀n iye tí iléeṣẹ́ tó, tú àwọn iye inú ìwé náà palẹ̀. Ohun tó rí ni pé iye owó náà ti ń sún mọ́ dọ́là 147 lórí àwọn ẹni tuntun, àti pé ó lé ní méjì nínú oníbàárà mẹ́ta tó ń lọ kó tó pé oṣù mẹ́fà. Dọ́là 10 ni wọ́n ta ìpín kan lọ́jọ́ tí wọ́n wọ ọjà, iye tí gbogbo iléeṣẹ́ náà sì jẹ́ nígbà náà sún mọ́ bílíọ̀nù méjì dọ́là. Nígbà tí iléeṣẹ́ Wonder rà á lọ́dún 2023, nǹkan bí 103 mílíọ̀nù ló san.

Ohun tó bo ewu yẹn mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni àpapọ̀ tí a pín dọ́gba. Kí a lè rí i kedere, ẹ jẹ́ ká mú òwò kékeré kan ní Ìbàdàn, tí mo fọkàn rò ó. Ó ń gbé àpò èso àti ẹ̀fọ́ lọ sílé àwọn ènìyàn lóṣooṣù, 20,000 náírà ni àpò kan. Èso, àpò àti owó ọlọ́kadà gba 12,000, ó ku 8,000. Orí 8,000 yìí ni gbogbo ìṣirò dúró lé. Ẹni tó bá ń fi 20,000 ṣe ìṣirò ń ka owó ọlọ́jà mọ́ tirẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni àwọn oníbàárà tuntun ń gbà wọlé. Àwọn kan rí ìpolówó lórí fóònù, tó ní ìdajì owó ni kí wọ́n san ní oṣù àkọ́kọ́. 10,000 náírà ìpolówó ló ń mú ẹnì kan wá. Àwọn yòókù jẹ́ ẹni tí oníbàárà àtijọ́ mú wá, a sì ń fún ẹni tó mú wọn wá ní 18,000. Ojú lásán yóò ní ìpolówó ló dára jù.

Ẹ jẹ́ ká kó ọgọ́rùn-ún ènìyàn láti ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn wọlé ní oṣù kan náà, ká sì ka àwọn tó ṣì ń sanwó lóṣooṣù. Àwọn ti ìpolówó: 100, 50, 30, 20, 15, 12. Ní oṣù mẹ́fà, àpò 227 ni wọ́n rà, ìyẹn méjì àti díẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èrè orí ẹnì kan jẹ́ 18,160, ṣùgbọ́n ẹ̀dínwó oṣù àkọ́kọ́ ti mú 10,000 níbẹ̀. 8,160 tó kù kò tó 10,000 tí a fi wá a. Àwọn tí ènìyàn mú wá: 100, 85, 76, 70, 66, 63. Àpò 460 nìyẹn, 36,800 lórí ẹnì kan. Tí a bá yọ 18,000 kúrò, ó ku 18,800, àwọn 63 sì ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ wo bí àwọn ti ìpolówó ṣe ń lọ: ìdajì lọ ní oṣù àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nínú àwọn 15 tó kù ní oṣù karùn-ún, mẹ́ta péré ló lọ. Peter Fader àti Bruce Hardie ṣàlàyé ohun tó wà ńdìí èyí nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2007. Kò pọn dandan kí ìfẹ́ ẹnikẹ́ni sí ọjà náà ti pọ̀ sí i. Àwọn tí kò ní pẹ́ lọ tẹ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ, tí àwọn adúróṣinṣin fi ṣẹ́kù. Ìdí nìyí tí ìṣirò kan tí àwọn oníṣòwò fẹ́ràn fi máa ń ṣì wọ́n lọ́nà. Wọ́n á ní, “A ní 1,000 oníbàárà, 50 lọ lóṣù yìí, nítorí náà ẹnì kọ̀ọ̀kan á bá wa ṣe fún ogún oṣù.” Àwọn tó ti pẹ́ ló kún inú 1,000 yẹn. Ẹni tó wọlé lánàá nítorí ẹ̀dínwó kò jọ wọ́n rárá, òun gan-an sì ni a fẹ́ náwó wá. Bí a bá ti ń pín àwọn ènìyàn sí ọ̀wọ́, kí ọ̀wọ́ kan má sì kéré jù. Nínú ẹni méjìlá, bí méjì bá kó lọ sí ìlú mìíràn, gbogbo ìṣirò ti dàrú.

Ṣé ká wá kó gbogbo owó sórí àwọn tí ènìyàn ń mú wá? Ibí ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ ìṣirò ń ṣubú. Ká ní 50 ènìyàn ló ń wọlé báyìí lóṣù kan, 900,000 ni à ń san. A fẹ́ kí wọ́n pọ̀ sí i, a sọ ẹ̀bùn náà di 25,000, wọ́n sì di 60. Owó wa di 1,500,000. Lójú ìwé, 25,000 lórí ẹnì kan kò burú, nígbà tí ẹnì kan ń mú 36,800 wá. Ṣùgbọ́n 600,000 tí a fi kún un, ènìyàn mẹ́wàá péré ló mú wá, 60,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn 50 àkọ́kọ́ ì bá wá ní iye àtijọ́. Iye tí ẹni tó wọlé kẹ́yìn náni ló yẹ kó pinnu ibi tí a ó ti dúró, ohun tí dọ́là 94 sì fi pamọ́ nìyẹn.

Ó tún ku ìbéèrè kan: ta ló mú oníbàárà wá gan-an? Lọ́dún 2012, eBay dá ìpolówó tó ń san owó lé lórí orúkọ ara rẹ̀ dúró lórí àwọn ẹ̀rọ ìwákiri kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àwọn tó ń gba ibẹ̀ wọlé ṣì wọlé, wọ́n kàn tẹ ojú ìwé ọ̀fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni. Òwò Ìbàdàn wa lè ṣe irú ẹ̀ náà. Kí ó dá ìpolówó dúró ní Akóbọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ó fi ti Bódìjà sílẹ̀ kí ó lè fi wé e. Bí 40 ènìyàn bá ti ń wọlé ní Akóbọ̀ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú 400,000, tí 30 sì ṣì wọlé láìsí kọ́bọ̀, nígbà tí nǹkan kò yí padà ní Bódìjà, ẹni mẹ́wàá ni ìpolówó ń mú wá. 40,000 ni ẹnì kan ń náni níbẹ̀, 10,000 tí ojú ìwé ìpolówó ń fi hàn kò rí bẹ́ẹ̀.