Ìdí tí fọ́tò tó mọ́lẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà fi ń ṣókùnkùn lórí bébà

Ká ní ẹbí kan fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú ìyá wọn, igba ẹ̀dà. Lójú kọ̀ǹpútà, fọ́tò màmá dára gan-an: ojú wọn ń dán, gèlè búlúù orí wọn ń tàn yòò. Àmọ́ nígbà tí ìwé dé láti ọ̀dọ̀ onítẹ̀wé, ojú màmá ti ṣókùnkùn, gèlè sì ti fẹ́ di pọ́pù. Àwọn ọmọ ní ìǹkì burúkú ni wọ́n lò. Irú ẹjọ́ yìí wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ìǹkì ló jẹ̀bi.

Ojú kọ̀ǹpútà ní iná tirẹ̀ nínú. Bébà kò ní. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé e nìkan ló ń dá padà. Bí ẹni tó ń tún fọ́tò ṣe bá tan iná kọ̀ǹpútà dé òpin, fọ́tò tó dúdú á mọ́lẹ̀ lójú rẹ̀, kò sì ní rí ohun tó yẹ kó tún ṣe. Orí bébà ni àṣírí máa tú.

Ohun tó yẹ ni pé kó kọ́kọ́ pa "Night light", torí ó máa ń jẹ́ kí àwọ̀ pọ́n. Lẹ́yìn náà, kó ṣí ojú ewé funfun tó ṣófo sórí kọ̀ǹpútà, kó gbé bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lábẹ́ iná tó dáa, kó wá máa dín "Brightness" kù títí méjèèjì á fi jọra. Ìgbà yìí ló máa rí i pé ojú màmá dúdú lóòótọ́.

Kó má kàn tan gbogbo fọ́tò, torí léèsì funfun ọrùn wọn á di funfun lásán, iṣẹ́ ara rẹ̀ á sì pòórá. Nínú "Curves", àárín ìlà ni kó gbé sókè díẹ̀, kó fi òkè àti ìsàlẹ̀ sílẹ̀.

Ti gèlè yàtọ̀. Iná pupa, iná àwọ̀ ewé àti iná búlúù ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀, ìǹkì ni onítẹ̀wé ń pò pọ̀. Àwọn búlúù kan wà tó ń tàn débi pé ìǹkì kò lè ṣe é. Nínú Photoshop, bí ó bá ti fi fáìlì àwọ̀ onítẹ̀wé síbẹ̀, "Proof Colors" á fi bí ó ṣe máa rí hàn án. Ó lè wá fa búlúù náà kúrò lọ́dọ̀ pọ́pù díẹ̀, àmọ́ títàn yẹn kò ní padà.

Ní ìkẹyìn, kí wọ́n tẹ ẹ̀dà kan ṣoṣo sórí bébà tí wọ́n máa lò gan-an, kí wọ́n wò ó lójú ọ̀sán. Bí ojú màmá bá ṣì dúdú, ẹ̀dà kan ló bàjẹ́, kì í ṣe igba.