Òkú Lórí Ilẹ̀ àbí Aṣọ Lórí Ìkọ́?

Ẹ jẹ́ ká mú ìtàn kan. Télọ̀ obìnrin kan wà ní Ìbàdàn. Ó rán agbádá fún oníbàárà rẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àlàájì, ṣùgbọ́n Àlàájì kò wá gba aṣọ, kò sì san owó tó kù. Lẹ́yìn ọdún méjì ló tó yọjú. Ó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú, ó fi orí gbá igun tábìlì, ó sì kú. Télọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn yìí, a sì fẹ́ kọ gbólóhùn tó máa ṣí i.

Ọ̀nà méjì ló wà nílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí òǹkàwé ta gìrì lè kọ ọ́ báyìí: “Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi ni Àlàájì kú sí, ẹ̀jẹ̀ orí rẹ̀ sì ṣàn dé abẹ́ máṣíìnì.” Ẹlòmíràn lè kọ ọ́ báyìí: “Ọdún kejì rèé tí agbádá Àlàájì ti wà lórí ìkọ́, gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo sì máa ń gbọn eruku ara rẹ̀.”

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn tó wà nínú méjèèjì. Bí a bá yọ “mi” àti ọ̀rọ̀ máṣíìnì kúrò nínú ti àkọ́kọ́, ta ló ń sọ̀rọ̀? Ọlọ́pàá lè sọ ọ́, oníròyìn lè sọ ọ́, alájàpá tó ń kọjá lọ náà lè sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ gba gbogbo àyè, kò ṣẹ́ ku ibi tí obìnrin náà máa dúró sí. Nínú èkejì, a ò tíì mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n a ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Ó ń ka ọjọ́. Ó ní ìlànà. Ó ń tọ́jú ohun tí kò mú owó wọlé fún un, kò sì ráhùn. Ìṣe kékeré kan ṣoṣo ló jẹ́ ká mọ gbogbo èyí.

Ní ti ìbéèrè, méjèèjì ló gbé e dìde, ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó ka ti àkọ́kọ́ máa bèèrè pé, “Ta ló pa á?” Ìṣòro rèé: kò sẹ́ni tó pa á. Òǹkàwé máa fi ojú wá apànìyàn títí dé ìparí, nígbà tó bá sì rí i pé òòyì ló kọ́ ọkùnrin náà, á ní wọ́n tan òun. Ikú náà kì í ṣe irọ́, gbólóhùn náà ló ṣèlérí ohun tí kò sí nínú ìtàn. Ẹni tó ka èkejì máa bèèrè pé, “Kí ló dé tó fi ń tọ́jú aṣọ onígbèsè?” Orí ìbéèrè yìí gan-an ni ìtàn dúró lé. Nígbà tí Àlàájì bá wá kú nínú ṣọ́ọ̀bù, ikú náà máa dùn wá, torí a ti mọ ohun tí obìnrin náà ń retí.

Èyí kò ní kí òkú má ṣí ìtàn rárá. Nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, irú èyí tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969, òǹkàwé mọ̀ kó tó ra ìwé pé ọ̀ràn ń bẹ nínú rẹ̀. Bí òkú bá wà níbẹ̀rẹ̀ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, “ta ló pa á” ni ìbéèrè tó tọ́, òǹkọ̀wé sì ní ìdáhùn rẹ̀ lọ́wọ́. Síbẹ̀, ó ṣì gbọ́dọ̀ wá ohùn tó máa sọ ọ́.

Ohùn tí kò bá fi ìdẹ́rùbà ṣe ọ̀nà pàápàá kì í rí bákan náà. Ẹ wo àgbà méjì. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938, Fágúnwà kò kọ́kọ́ gbé ọdẹ jáde. Òǹkọ̀wé ló kọ́kọ́ bá wa sọ̀rọ̀ bíi pé a péjọ síwájú rẹ̀, ó fi ìlù àti ijó ṣàlàyé ipa tirẹ̀ àti ipa tiwa, kí àgbàlagbà kan tó dé, tó ní kó kọ ìtàn òun sílẹ̀. Amos Tutùọlá, nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ di eré ìtàgé Lánkẹ́ Ọ̀mùtí, kò fi ẹnikẹ́ni ṣíwájú. Ọ̀mùtí fúnra rẹ̀ ló dìde, tó sọ fún wa pé láti ọmọ ọdún 10 ni òun ti ń mu ẹmu, òun kò sì níṣẹ́ mìíràn. Ó wá ń ka igi ọ̀pẹ tí bàbá rẹ̀ fún un, 560,000, bí akọ̀wé tó ń ṣírò owó ìjọba.

Bàbá náà kú. Adẹ́mu tó ń dá ẹmu fún ọ̀mùtí já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, òun náà kú. Ẹni tó fẹ́ràn ìjayà ì bá fi adẹ́mu tó já bọ́ ṣe gbólóhùn àkọ́kọ́. Tutùọlá jẹ́ kó dúró títí a fi mọ ohun tí adẹ́mu náà jẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tó wà lẹ́nu wa ni pé kí ni ọkùnrin tí kò mọ iṣẹ́ kankan ju ẹmu lọ máa ṣe báyìí. Ìbéèrè yẹn ló gbé e dé ìlú àwọn òkú.

Ọ̀nà Fágúnwà yẹ ìwé gígùn tí a lè kà sí etí àwùjọ, torí ó ń fi ara balẹ̀ to àwọn olùgbọ́ jókòó. Ìtàn olójú ìwé mẹ́rin bíi tiwa kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Fún télọ̀ wa, ọ̀nà Tutùọlá ló bá a mu: kí ó bọ́ síta fúnra rẹ̀, kó sọ ìṣe rẹ̀ bíi pé kò sí ohun àjèjì níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá tún gbólóhùn náà wò. Bí a bá kọ pé, “Àlàájì kò wá gba aṣọ rẹ̀,” ìbéèrè wà, ohùn kò sí. Bí a bá kọ pé, “Télọ̀ ni mí, mo ti ń ránṣọ láti kékeré,” ẹnìkan ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sóhun tí a fẹ́ bi í. “Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò lè gbàgbé láé” ló burú jù nínú wọn: ó ń fi nǹkan pamọ́ lásán, ó sì lè ṣí ìtàn èyíkéyìí. Eruku ọjọ́ Àbámẹ́ta ló da ohùn àti ìbéèrè pọ̀. Bí a bá sì fẹ́ kí ohùn náà le sí i, ká fi àríyànjiyàn tì í: “Wọ́n ní kí n tà á. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ẹni tó ni ín.”

A lè dán an wò. Ka gbólóhùn náà sí etí ẹnìkan, kí o sì dákẹ́. Bí kò bá bèèrè nǹkan kan, tún un kọ. Bó bá bèèrè ohun tí ìtàn rẹ kò ní dáhùn, tún un kọ, bó ti wù kí ó múni ta gìrì tó. Bó bá jẹ́ nípa ènìyàn tó ń sọ̀rọ̀ ló bèèrè, tí ìdáhùn sì wà nínú ìtàn, máa kọ ọ́ lọ. Fún ìtàn télọ̀ yìí, aṣọ orí ìkọ́ ló borí. Òkú Àlàájì ṣì máa dé, àmọ́ ojú ìwé kẹta ni àyè rẹ̀.